Fóònù tó ń sá lọ sí òdìkejì ààlà: bí a ṣe ń fọwọ́ yan nẹ́tíwọ̀kì

Ìbéèrè: Ilé wa kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin sí ààlà ilẹ̀. Fóònù mi á kàn ṣàdédé fi nẹ́tíwọ̀kì mi sílẹ̀, á wọ ti orílẹ̀-èdè kejì, owó á sì máa lọ. Tí mo bá pa á tí mo tún tàn án, ibẹ̀ náà ló tún ń padà sí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, "Searching" ni yóò máa kọ fún odindi wákàtí kan láìrí ẹyọ kan. Mo gbọ́ pé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan nẹ́tíwọ̀kì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé ìṣòro yìí á sì tán?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ pa "Data roaming" lórí síìmù náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Pípa á kò ní kí fóònù má wọ nẹ́tíwọ̀kì àjèjì o, ṣùgbọ́n dátà kò ní máa jẹ owó yín níbẹ̀ bí ẹ ṣe ń tún nǹkan ṣe lọ́wọ́. Ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ kò sí lábẹ́ bọ́tìnì yẹn. Bí ẹnì kan bá pè yín nígbà tí fóònù ń ṣàlejò ní òdìkejì, tí ẹ sì gbé e, wọ́n lè yọ owó yín fún ìpè tí ẹlòmíràn pè.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé fóònù débẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa tẹ bọ́tìnì kiri ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé nẹ́tíwọ̀kì tí sígínà rẹ̀ le jù ní àyíká ni fóònù máa ń mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò kan wà tí àwọn fóònù ń tẹ̀ lé, inú ìlànà tí wọ́n ń pè ní TS 23.122 ló wà, ti 3GPP, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún nẹ́tíwọ̀kì fóònù. Bí fóònù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, nẹ́tíwọ̀kì tó wà lórí rẹ̀ kẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Bí kò bá rí i, ó kan ti ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù. Bí ìyẹn náà kò bá sí, á wo orúkọ àwọn nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ti kọ sínú síìmù pé ó lè lọ bá. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló tó kan ẹnikẹ́ni tí sígínà rẹ̀ bá dára tó. dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára sígínà; fún 4G, ohun tí ìlànà náà kà sí èyí tó dára ni -110 dBm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òǹkà yìí máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, bó bá sì ṣe sún mọ́ òdo tó ni sígínà ṣe le tó: -95 sàn ju -115 lọ dáadáa. Láàárín àwọn tó bá kọjá ìwọ̀n yẹn, fóònù kì í ṣa èyí tó le jù. Bó bá ṣe kò wọ́n náà ni.

Ẹ̀yin náà rí i pé nínú ètò yìí, ti ilé ṣáájú ti àlejò. Ibi tí àlejò ti ń ráyè wọlé ni ìgbà tí ti ilé bá pòórá, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn tí ògiri rẹ̀ nípọn, tàbí ẹ bọ́ sí kòtò ọ̀nà kan, sígínà ilé já, fóònù wá nǹkan dì mú, òpó òdìkejì ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Títí dé ibẹ̀ kò sí ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn wà nínú pé nígbà tí ẹ bá jáde síta, tí sígínà ilé ti padà, fóònù kò padà.

Ohun méjì ló so ó mọ́lẹ̀. Èkíní, fóònù tí a kò fi pè, tó kàn wà nínú àpò, láàárín òpó nẹ́tíwọ̀kì tó gbà á sílé nìkan ló ń rìn, àti òpó àwọn tí nẹ́tíwọ̀kì yẹn bá sọ fún un pé àwọn jọ jẹ́ ọ̀kan. Nẹ́tíwọ̀kì òdìkejì kò sì ní ìdí láti júwe òpó orílẹ̀-èdè yín fún un. Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù tó ń ṣàlejò ní àkókò tó máa ń wò yíká bóyá nẹ́tíwọ̀kì tó yẹ ẹ́ jù wà nítòsí. Inú síìmù ni àkókò yẹn wà, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó lè tó wákàtí mẹ́jọ, bí síìmù kò bá sì sọ nǹkan kan, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà náà, àwọn nẹ́tíwọ̀kì orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣàlejò ni ìwòyíká yìí wà fún. Ti ilé yín, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mìíràn, kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, tí sígínà òdìkejì bá ń tẹnu bọ ilé yín láìdáwọ́ dúró, fóònù lè jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn tó ń ṣe fóònù mìíràn a máa fi ìwákiri tiwọn kún un, ìyẹn ló fà á tí fóònù méjì nínú yàrá kan náà kì í fi hu ìwà kan náà.

Pípa á àti títàn án tí ẹ ń ṣe kò ràn yín lọ́wọ́, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí: èyí tó wà lórí rẹ̀ kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ wá. "Airplane mode" náà lè fi yín sí ibì kan náà fún ìdí kan náà.

Ó wá kan fífọwọ́ yàn. Ẹ jáde lọ síbi tí ẹ ti mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ilé máa ń wà dáadáa. Ìwákiri yìí kò lè rí ju ohun tí etí fóònù gbọ́ lásìkò yẹn lọ, bí ẹ bá sì ṣe é nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, orúkọ tí ẹ ń wá lè má jáde rárá. Ẹ pa dátà fóònù, ẹ má sì wà lórí ìpè, torí àwọn fóònù kan kọ̀ láti wá nǹkan kan nígbà tí dátà bá ń ṣiṣẹ́.

Lórí Áńdróìdì gbogboogbò, ẹ wọ "Settings", ẹ tẹ "Network & internet", lẹ́yìn náà "SIMs", ẹ mú síìmù tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ wá pa "Automatically select network". Lórí Sámúsọ̀ǹgì, "Settings", "Connections", "Mobile networks", "Network operators" ni, ẹ sì pa "Select automatically". Lórí àìfóònù, "Settings", "Cellular" (àwọn mìíràn kọ "Mobile Service" síbẹ̀), "Network Selection", kí ẹ pa "Automatic". Ọ̀rọ̀ inú fóònù yín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí mo kọ, ṣùgbọ́n abẹ́ ètò síìmù ló máa ń wà. Bí fóònù bá ń lo síìmù méjì, ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa: síìmù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Mélòó-mélòó ló ti tún ti síìmù kejì ṣe tí wọ́n ń ṣe kàyéfì pé kò yí padà.

Ẹ ní sùúrù fún ìwákiri náà. Ìṣẹ́jú kan ni nígbà mìíràn, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí fóònù ń gbọ́ gbogbo ojú-ọ̀nà ìgbì tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, 2G títí dé 5G. Ní gbogbo àkókò yẹn ẹ kò ní sí lórí nẹ́tíwọ̀kì kankan. Bí ẹ bá jáde kúrò lójú ewé yẹn kó tó parí, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Orúkọ tó bá jáde lè ya yín lẹ́nu. Nẹ́tíwọ̀kì kan lè fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú 2G, 3G àti 4G lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú 4G bó bá wà. Òmíràn kì í kọ orúkọ rárá, nọ́ńbà oní-ìdí márùn-ún tàbí mẹ́fà ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà yẹn ni orílẹ̀-èdè, ìyókù ni ilé-iṣẹ́. Bí àpẹẹrẹ, 208 ni ilẹ̀ Faransé, 228 sì ni Switzerland tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́ta orílẹ̀-èdè tiyín kí ẹ fi sọ́kàn, torí pańpẹ́ kan wà níbí: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣòwò ní ìhà méjèèjì ààlà pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ẹ lè rí orúkọ tí ẹ mọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, kó sì jẹ́ ti òdìkejì ni. Bí orúkọ kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ mú ọ̀kan, ẹ wo òkè fóònù. Bí "R" kékeré bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn igi sígínà, tàbí tí àtẹ̀jíṣẹ́ ìkíni káàbọ̀ bá wọlé, òdìkejì ni ẹ wà yẹn. Ẹ padà lọ mú èkejì.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà sí i, kí ẹ lè rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ilé kan bíi tiyín. Ẹ gbà pé nẹ́tíwọ̀kì ilé jẹ́ -104 dBm ní yàrá iwájú, ó sì já sí -121 ní yàrá ẹ̀yìn. Ti òdìkejì jẹ́ -97 níbi gbogbo, torí òpó wọn kọjú sí ìhà yín. Lórí Áńdróìdì, ẹ lè ka èyí ní "Settings", "About phone", "SIM status", níbi tí wọ́n kọ "Signal strength". Lórí àìfóònù, ẹ tẹ èyí bí ẹni fẹ́ pe ìpè:

```
*3001#12345#*
```

Nígbà tí ẹ fi fóònù sílẹ̀ kó máa yàn fúnra rẹ̀, -104 ti yàrá iwájú tó láti lò, fóònù kò sì ní fi í sílẹ̀ nítorí pé -97 wà nítòsí. Bí ẹ bá wọ ẹ̀yìn, -121 lè má gbé e mọ́, ó já, ó sì bọ́ sí -97. Ẹ padà síwájú, -104 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n -97 kò jẹ́ kó wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fọwọ́ yan ti ilé ní yàrá iwájú, á wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tún wọ yàrá ẹ̀yìn, sígínà á já bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kò ní sá lọ sí òdìkejì. "No service" tàbí "Emergency calls only" ni yóò kọ, á sì máa dúró de ti ilé. Bí ẹ bá jáde padà, ó lè gba ìṣẹ́jú kan sí mélòó kan kó tó tún dì í mú.

Ohun tí fífọwọ́ yàn ń ṣe gan-an nìyẹn. Kò fi nǹkan kan kún sígínà yín. Ó kàn ní kí fóònù má lọ síbòmíràn ni. Ẹ̀ ń fi àìrí-ìpè-gbà ní yàrá ẹ̀yìn ra ìfọ̀kànbalẹ̀ owó. Bátìrì náà ń san tirẹ̀, torí fóònù tí kò rí nẹ́tíwọ̀kì kì í sinmi ìwákiri. Èmi ò ní gba ẹni tí yàrá ẹ̀yìn yẹn jẹ́ ibi tó ń sùn nímọ̀ràn pé kó fi mọ bẹ́ẹ̀. Kí ó wo "Preferred network type", tí Sámúsọ̀ǹgì ń pè ní "Network mode", bóyá ẹnì kan ti fi í sí 4G nìkan. Bí nẹ́tíwọ̀kì ilé bá ní 2G tàbí 3G tó wọ yàrá yẹn jù, fífi í sí èyí tó gba gbogbo wọn yóò jẹ́ kí ìpè máa wọlé. Bí ìntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn bá sì wà nínú ilé, tí ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù sì fàyè gba "Wi-Fi Calling", ẹ tàn án: ìpè á máa gba ibẹ̀ kọjá láìka ohun tí òpó ń ṣe sí.

Nípa "Searching" tí kò tán, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa yẹ̀ wò ni bóyá fóònù ti wà lórí fífọwọ́ yàn láti ọjọ́ kan tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ rìnrìn àjò, ẹ yan nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀, ẹ padà sílé, fóònù ṣì ń wá èyí tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ tan "Automatic" padà, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí nẹ́tíwọ̀kì kan ti kọ síìmù yín. Ìkọ̀sílẹ̀ yìí kì í ṣe oríṣi kan, bí fóònù ṣe ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ń sọ irú èyí tó jẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì lè sọ pé àdúgbò yìí nìkan ni òun kò ti gbà yín. Fóònù á tọ́jú ìyẹn, ṣùgbọ́n á nù kúrò bí ẹ bá pa á, tàbí lẹ́yìn wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún. Bí pípa àti títàn bá tú yín sílẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí nẹ́tíwọ̀kì sọ pé òun kò gbà yín rárá. Fóònù á wá kọ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì náà sínú ìwé èèwọ̀ kan tó wà nínú síìmù fúnra rẹ̀. Ìwé náà máa ń ní àyè fún ó kéré tán orúkọ mẹ́rin, bó bá sì kún, tuntun a ti èyí tó pẹ́ jù jáde. Torí inú síìmù ló wà, pípa fóònù kò lè pa á rẹ́, bí ẹ bá sì gbé síìmù lọ sínú fóònù mìíràn, èèwọ̀ náà tẹ̀ lé e lọ. "Reset network settings" kì í sábà dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ìntánẹ́ẹ̀tì ilé yín ni ẹ ó kàn pàdánù lásán. Fóònù tó ń yàn fúnra rẹ̀ kì í sì dán orúkọ inú ìwé yẹn wò, bí sígínà rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ pitimu. Ìlànà kò fàyè gbà kí wọ́n kọ nẹ́tíwọ̀kì ilé síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe kan bá sọ nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ ń ṣàlejò lórí rẹ̀ di èèwọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè máa wo "Searching" títí láé nítòsí òpó rẹ̀.

Ibí yìí ni fífọwọ́ yàn ti wúlò jù, ó ju ọ̀rọ̀ ààlà lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín mú orúkọ kan, fóònù á dán an wò bó tilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, bí nẹ́tíwọ̀kì náà bá sì gbà á, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan "Automatic" padà, á sì máa wọlé fúnra rẹ̀. Àwọn fóònù kan ń kọ "Forbidden" sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bó bá jẹ́ èyí tí ẹ mọ̀ pé síìmù yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fọwọ́ yan nẹ́tíwọ̀kì ilé yín tó sì kọ̀, ẹ fi síìmù náà sínú fóònù mìíràn, ẹ fọwọ́ yàn án níbẹ̀. Bó bá kọ̀ níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síìmù ni wọ́n dí tàbí tí kò sí lórí ìwé ilé-iṣẹ́ mọ́. Bó bá gbà níbẹ̀, tí síìmù ẹlòmíràn ti ilé-iṣẹ́ kan náà sì kọ̀ nínú fóònù tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti dí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, tí wọ́n ń pè ní IMEI. Kò sí yíyàn tó lè tún èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe, ilé-iṣẹ́ ni ẹ máa lọ bá.

Fún ilé tó wà ní kìlómítà mẹ́rin sí ààlà, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹ máa wọ "Settings" lójoojúmọ́. Bí ẹ kì í bá rékọjá, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín dí róómìǹgì pátápátá láti ọ̀dọ̀ tiwọn, kì í ṣe ti dátà nìkan. Ẹ fi fóònù sí "Automatic". Nígbà tí fóònù bá tún sá lọ sí òdìkejì, wọ́n á kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ pátápátá ni wọ́n fún un, fóònù á kọ nẹ́tíwọ̀kì náà sínú ìwé èèwọ̀, kò sì ní dán an wò mọ́. Bí nẹ́tíwọ̀kì òdìkejì tó dé ilé yín bá jẹ́ mẹ́ta, ó lè kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rékọjá, ẹ ní kí wọ́n ṣí róómìǹgì, kí ẹ sì fọwọ́ yan ọ̀kan nínú wọn tí ẹ bá débẹ̀, torí orúkọ wọn á ṣì wà nínú ìwé náà.